Gbọ́ Fídíò Ilẹ̀ Náà Kí O Tó Wò Ó

Àbúrò mi, bí wọ́n bá fi fídíò ilẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù, dojú fóònù dé orí tábìlì, kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Má wò ó ná. Mo mọ̀ pé ojú ń yá ọ láti rí koríko tútù, àti ọ̀pẹ tó tò lọ gbọọrọ, àti òkúta ààlà tí wọ́n kùn ní pupa. Ohun tí ẹni tó ń tà á fẹ́ kí o rí gan-an nìyẹn. Ó lè yí kámẹ́rà kúrò níbi àkìtàn, ó sì lè lọ dúró sí igun tí ilẹ̀ ti tẹ́jú jù. Ohun tí kò rọrùn fún un láti ṣà ni ohùn tó ń wọnú fóònù náà láti ẹ̀yìn rẹ̀, láti ilé kejì, láti orí igi, láti ọ̀nà tó jìnnà sí ibi tó dúró sí. Ibẹ̀ lèmi máa ń bẹ̀rẹ̀.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní apá ọ̀dọ̀ wa, láti Sakété dé Pobẹ̀, àti ní Agidi wa tí ìwé ìjọba ń kọ ní Aguidi. Ilẹ̀ títà ti di ọ̀rọ̀ orí fóònù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọ̀nù, ní Èkó, ní Gàbọ́ọ̀nù, ní Faransé, fídíò ni wọ́n fi ń rí ilẹ̀ kí owó tó jáde lápò. Bẹ́ẹ̀ ẹnubodè kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ pupa tó wà ní Agidi náà ló wà ní Ìpókíá, irú ọ̀pẹ kan náà, irú páànù kan náà, àwọn ènìyàn tó ń sọ èdè tó jọra. Ta ni yóò fi ojú lásán yà á sọ́tọ̀? Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi ohun tí mo máa ń ṣe hàn ọ́, kí o má baà sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ mọ nǹkan kan, ó fi pamọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tajà ní olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wò ó. Kò gùn ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé Agidi ni, ẹ̀bá ọ̀nà ọ̀dà, ilẹ̀ gíga tí omi kì í dé. Ọkùnrin kan ń rìn lórí ilẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sí ọ̀tún àti òsì. Orin dídùn ń lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ fi owó àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Mo ní kó fún mi ní alẹ́ ọjọ́ kan péré.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, mo sì fi íápíìsì sí etí méjèèjì, nítorí pé gbohùngbohùn kékeré tó wà lára fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Mo mú bírò àti ìwé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ fídíò náà léraléra, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́, ohùn ènìyàn nìkan: ta ló ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó mú fóònù dání, èdè wo, wọ́n ń bá ara wọn dunàádúrà àbí wọ́n ń pe ọmọ? Nígbà tó tẹ̀ lé e, ohùn ẹ̀rọ àti ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹ, ẹranko, afẹ́fẹ́ àti òjò. Bí mo bá ti gbọ́ nǹkan kan, mo kọ ibi tó wà nínú fídíò sílẹ̀ bí ó ṣe hàn lójú fóònù, 0:18, 0:41, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá gbìyànjú láti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ yóò máa tẹ̀ lé ẹni tó ń polówó ọjà, torí iṣẹ́ tó fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ ṣe fún ọ nìyẹn. Bí ohùn kan bá kúrú jù, ṣí fídíò náà pẹ̀lú VLC, kí o dín ìyára rẹ̀ kù sí 0.5x. Yóò falẹ̀, ohun tó ti sá kọjá yóò sì dúró díẹ̀ fún ọ.

Jẹ́ kí n ti orí orin bẹ̀rẹ̀, nítorí orin ló máa ń kọ́kọ́ tan ènìyàn jẹ. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé ṣé orin náà wà níbi tí wọ́n ti ya fídíò, àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nílé lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán? Wo ibi tí àwòrán ti já, tí wọ́n ti fò láti igun kan sí òmíràn. Bí orin náà bá ń bá a lọ láìfò ní gbogbo ibi tí àwòrán ti fò, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti fi í kún un. Bí orin bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìgékúrú àwòrán yóò gé òun náà. Orin tó wà níbẹ̀ tún máa ń yí padà bí ẹni tó ya á bá ṣe ń yí ara: bó bá kọ ẹ̀yìn sí ilé tí orin ti ń wá, ohùn náà á rẹlẹ̀, bó bá wọ ẹ̀yìn ògiri, á rọ̀ sílẹ̀, ìlù tó wúwo nìkan ni yóò kù. Orin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kì í mọ̀ pé ògiri wà. Bákan náà ló ṣe ń dún láti òkèèrè àti nítòsí.

Nínú fídíò ọ̀rẹ́ mi, lílẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ ló ń fi orin sí i kó lè dùn ún gbọ́, àwọn mìíràn kàn fẹ́ fi bo afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lu fóònù. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun méjì fún mi. Àkọ́kọ́ ni pé orin yẹn kò lè sọ ibi tí ilẹ̀ wà fún mi, kí n gbé e kúrò nínú ẹ̀rí. Èkejì ni pé ibi tí orin náà bá ti lọ sílẹ̀ ni kí n ti dẹ etí, nítorí pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè jáde, ohun tó wà lẹ́yìn yóò sì yọjú pẹ̀lú rẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí orin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìlù ìbílẹ̀ gba ìdánilójú lọ́wọ́ rẹ. Mo ti rí fídíò tí wọ́n fi ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí lẹ́yìn, kí ará ilé tó wà ní òkè òkun lè rò pé abúlé òun gan-an ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ti Agidi nìkan. Òun ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àwọn Yorùbá-Nàgó tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, nítorí náà ìlù rẹ̀ lè ti ibi púpọ̀ wá. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, wo àkókò rẹ̀. Òru ni wọ́n ń kọ orin Ẹ̀fẹ̀. Bí ohùn Ẹ̀fẹ̀ bá ń jáde tí oòrùn sì ń ràn ganrínganrín, ẹ̀rọ kan ló ń kọ ọ́. Bí onílù bá hàn nínú àwòrán, wo ìgbà tí ọ̀pá kan awọ. Bó bá wà nítòsí, rírí àti gbígbọ́ gbọ́dọ̀ jọ ṣẹlẹ̀. Bó bá wà ní òpin pápá, bí ọgọ́rùn-ún mítà sí ọ, ohùn yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nítorí pé ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, etí lè mú un bí o bá dín ìyára fídíò kù. Bí onílù bá wà lẹ́bàá kámẹ́rà tí ohùn sì ń pẹ́, tàbí tí ohùn ń ṣáájú ọ̀pá, fura.

Ó dáa, ká padà sórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ní 0:27, orin rẹlẹ̀, mo sì gbọ́ obìnrin méjì lẹ́yìn. Ọ̀kan ní wọ́n ti fi ẹgbẹ̀rún náírà kún owó ọjà kan. Ọ̀rẹ́ mi pariwo sí mi létí nígbà tí mo sọ fún un: “Náírà! Nàìjíríà nìyẹn!” Mo ní kó fara balẹ̀. Ṣé kò mọ ọjà wa ni? Ní gbogbo apá ẹnubodè níhìn-ín ni wọ́n ti ń ka náírà pọ̀ mọ́ sẹ̀fà, obìnrin tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ará Nàìjíríà kò níí ka owó rẹ̀ ní sẹ̀fà nítorí pé a wà ní Bẹ̀nẹ̀. Bákan náà ni ti fújì. Bí o bá gbọ́ Saheed Òṣùpá láti ṣọ́ọ̀bù kan, kò sọ ibi tó wà fún ọ, torí pé a máa ń gbọ́ ọ níhìn-ín bí a ṣe ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Rédíò Nàìjíríà náà ń wọlé sí wa láìsan owó ibodè fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi lórí ohùn kọ̀ọ̀kan nìyí: ṣé a lè gbọ́ ọ ní ìhà kejì náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ohùn náà kò wúlò fún ìyàsọ́tọ̀, bó ti wù kó dún ketekete tó. Ohùn tí a fẹ́ ni èyí tó wà ní ìhà kan tí kò sì sí ní èkejì. Bí àpẹẹrẹ, bí mo bá gbọ́ ìròyìn SRTB ní Faransé láti inú rédíò aládùúgbò, tí ọmọdé sì ń fi Faransé ka nọ́ḿbà nínú eré, ìyẹn yóò tẹ̀wọ̀n díẹ̀ sí ìhà tiwa. Ó ṣòro kí méjèèjì pàdé ní Papalántó ní ìhà kejì. Ní fídíò yìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n àìsí kì í ṣe ẹ̀rí, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìpẹ́.

Iná mànàmáná pàápàá kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ìró “hùnnn” tí iná ń ṣe máa ń wọ inú gbígbohùn sílẹ̀, débi pé àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ti fi ìyípadà kékeré inú rẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n gba ohùn kan sílẹ̀. Àmọ́ 50 Hz ni iná Bẹ̀nẹ̀, 50 Hz ni ti Nàìjíríà. Amẹ́ríkà ló ń lo 60. Ó lè já irọ́ ẹni tó ní òun wà ní Kútọ̀nù nígbà tó wà ní Hústọ̀nù, kò lè ya Agidi kúrò lára Ìpókíá.

Ní 0:41 ni ohun tó jẹ́ kí n jókòó dáadáa ti jáde. Fèrè kan ni, láti òkèèrè, ó gùn, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ́kọ́ rò pé tírélà ni, torí wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀dà ni ilẹ̀ náà wà. Mo dá a padà, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tírélà tó ń fọn fèrè bó ṣe ń kọjá, ohùn fèrè rẹ̀ máa ń ga bó ti ń bọ̀, á sì já wálẹ̀ lójijì bó bá ti kọjá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà máa ń sọ̀rọ̀: bí awakọ̀ bá yí jíà, ìró á sọ̀ kalẹ̀, á tún gòkè. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn bíi mẹ́ta ló jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú fèrè yẹn, wọ́n dúró lójú kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró wúwo kan ń lọ nílẹ̀ gbìrìrìrì, láìyí jíà, láìdínkù, títí ó fi kú díẹ̀díẹ̀ ní 0:58. Ọkọ̀ wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin ni. Níbí ni mímọ ilẹ̀ ti ń ṣe pàtàkì ju etí lọ. Àwọn Faransé la ọ̀nà irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn àgbà wa sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ gan-an tí ọkọ̀ ti dẹ́kun rírìn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọkọ̀ ojú irin nínú fídíò tí wọ́n ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ní Agidi, ohun tí kò sí ló gbọ́. Ní ìhà kejì ńkọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ó gba Àgbádó, Kájọlà, Papalántó àti Abẹ́òkúta kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn sì ni ilẹ̀ títà ti gbóná jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí o bá ń retí “kàtà-kàtà” tí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ máa ń ṣe, má retí rẹ̀ lórí ọ̀nà tuntun. Oríkèé irin ló ń fa ìró yẹn, irin tuntun sì ni wọ́n jó pọ̀ di gígùn kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbìrìrìrì nìkan ni mo gbọ́.

Ní 1:03, apá ìparí ìpè àdúrà dún láti mọ́sálásí kan. Èyí kò sọ ibi fún mi, mọ́sálásí kún ìhà méjèèjì, wákàtí wa pẹ̀lú ti Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan náà. Wákàtí ló sọ. Ọkùnrin inú fídíò náà ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé àárọ̀ kùtùkùtù lòun lọ síbẹ̀, kí iṣẹ́ òun tó bẹ̀rẹ̀. Ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìpè yòókù kò ní: ẹni tó ń pè yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé àdúrà sàn ju oorun lọ. Àní ẹni tí kò kéwú lè mọ̀ ọ́n bí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nínú èyí. Ìgbà yẹn ni mo padà sórí àwòrán, tí mo wo òjìji ọkùnrin náà. Ó kúrú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oòrùn máa ń wà láàárín ọ̀run, ó lè fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú tàbí gbẹ̀yìn bí oṣù bá ṣe rí, ìpè ọ̀sán sì ń tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ni, kì í ṣe àárọ̀. Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi purọ́ lórí wákàtí? Bóyá kò purọ́, bóyá kì í ṣe òun ló ya fídíò náà rárá, ló bá kàn sọ ohun tó bá ẹnu rẹ̀ pàdé. Èmi rò pé èyí tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Má ṣe fi ohun tí o gbọ́ ṣe ẹjọ́ o, àbúrò mi. Fi béèrè ni. Bí o bá sọ fún ẹni náà pé “o parọ́, mo gbọ́ ọkọ̀ ojú irin,” yóò ní tírélà ni, ọ̀rọ̀ á sì di ariwo. Ohun tí mo kọ́ ọ̀rẹ́ mi láti sọ rọrùn, ó sì ní ọ̀wọ̀ nínú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ya òmíràn. Ẹ dúró láàárín ilẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ yí ká díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ rìn láti ibẹ̀ dé ojú ọ̀dà láìgé e. Ẹ má fi orin sí i.” Ẹni tó ní ilẹ̀ kò ní rí ohun ìbínú nínú èyí. Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú kan yẹn níye lórí ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti sọ lọ, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ yóò ráyè wọlé. Rírìn dé ọ̀dà láìgé e náà wúlò: bí ọ̀dà bá súnmọ́ ọn lóòótọ́, ìró sẹ́mijàn àti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa ga sókè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rìn, kì í ṣe kó fò láti ìdákẹ́jẹ́ sínú ariwo.

Ọkùnrin náà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Fóònù bàjẹ́, òjò rọ̀, ó rìnrìn àjò. Nígbà tó yá, ó ní ilẹ̀ Agidi náà wà lóòótọ́, àmọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ kò tíì dára láti ya fídíò, ìdí nìyẹn tí òun fi ti ibòmíràn ṣe àpẹẹrẹ, pé wọ́n jọra. Àpẹẹrẹ! Ọ̀rẹ́ mi fi owó rẹ̀ sápò.

Mo ní màá sọ ìdí tí àìsí ohùn kò fi jẹ́ ẹ̀rí. Fóònù ayé òde òní gbọ́n jù. Bí o bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwòrán lórí Wásáàpù, ẹ̀rọ náà máa ń gbìyànjú láti pa ariwo ẹ̀yìn rẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu lè dá ṣáká. Ènìyàn lè dúró sí àárín ọjà kí o máa rò pé inú yàrá ló wà. Ìdí nìyẹn tí fídíò tí wọ́n yà tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi sàn ju ìpè lọ fún iṣẹ́ yìí. Nínú fídíò pàápàá, bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí, fóònù máa ń dín ìyókù kù, bó bá dákẹ́ láti mí, ohun ẹ̀yìn á rú jáde. Nítorí náà, àárín ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn ni kí o máa dẹ etí sí. Afẹ́fẹ́ tún lè lu fóònù kó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan, ohun tí o mọ̀ kò ju pé o kò gbọ́ nǹkan kan lọ.

Ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n tún fi han ọ̀rẹ́ mi yìí lẹ́yìn náà, ìyẹn wà ní ọ̀dọ̀ wa dájú. Ìró sẹ́mijàn, Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá, ẹ̀rọ ìlọgàárì kan tó ń kùn láti apá òsì, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ̀gà sì pọ̀ lórí ọ̀pẹ níbẹ̀, wọ́n ń pariwo ṣìkìṣìkì bí ìṣe wọn ní ojúmọmọ, èyí tó bá wákàtí tí ẹni náà sọ mu. Kò sí irọ́ nínú ibi tó wà. Àmọ́ ẹni yìí náà sọ pé ilẹ̀ gíga ni, omi kì í dé ibẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ariwo ẹ̀gà, mo gbọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n ń gbè é fún ara wọn, lójú oòrùn, láti apá ibi tí ọkùnrin náà kò yí kámẹ́rà sí.

Ẹyọ ọ̀pọ̀lọ́ kan lè wà lábẹ́ ìkòkò omi ẹnikẹ́ni. Alẹ́ lẹ́yìn òjò, gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ké, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn bá ń ké pọ̀ ní ọ̀sán, omi tó dúró wà nítòsí: àbàtà ni, tàbí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀, tàbí àyè tí òjò máa ń gbára jọ sí. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ lọ́dún, èyí tó gùn láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti èyí tó kúrú láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Oṣù kìíní ni wọ́n sọ pé wọ́n ya fídíò náà. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, ilẹ̀ gbẹ, ewé ọ̀pẹ ń ha wàràwàrà. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣì ń rí omi ké sí ní oṣù kìíní, báwo ni ibẹ̀ yóò ṣe rí ní oṣù kẹfà? Àbí kì í ṣe oṣù kìíní ni wọ́n yà á? Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kò dúró dáadáa, o sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èwo ni.

Ìwé ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ ANDF, jeomẹ́tà ló sì ń wọn ààlà. Ohùn inú fídíò kò lè ṣe iṣẹ́ àwọn wọ̀nyẹn, ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí o mọ irú ìbéèrè tí o máa gbé dé ọ̀dọ̀ wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ní ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó padà lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá, kó yí kámẹ́rà sí apá ibi tí kò yí i sí lákọ̀ọ́kọ́, kó rìn yí ilẹ̀ ká, kí a gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta ekuru tàbí ó ń rì sínú ẹrẹ̀. Bó bá ní òun kò ráyè, ẹbí wa kò ṣàìní ọmọ kan tó ní ọ̀kadà ní Sakété. Owó epo ni kó fi ránṣẹ́ sí i.